Ẹ Kọ Òṣùwọ̀n Sílẹ̀ Kí Ẹ Tó Ṣí Sífíì: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Agbanisíṣẹ́ Ilẹ̀ Rẹ́mọ

Sí gbogbo ẹ̀yin ọ̀gá tí ń gbani síṣẹ́ ní iléeṣẹ́, ilé ìwòsàn, ilé-ìwé àti ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti Àríwá Rẹ́mọ.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín dí, nítorí náà n kò ní fi ọ̀rọ̀ gígùn ṣáájú. Nígbàkigbà tí iṣẹ́ kan bá ṣí sílẹ̀ lágbègbè wa yìí, ìbáà jẹ́ ní iléeṣẹ́ kan lẹ́bàá títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ìbáà jẹ́ ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Ìpẹru tàbí Ìlíṣàn, sífíì tó ń wọlé máa ń pọ̀ ju èyí tí ẹnì kan lè fara balẹ̀ kà tán. Ẹni tí wọ́n ní kó yẹ̀ wọ́n wò á gbé òkìtì náà síwájú, á sì máa ṣí wọn lọ: èyí sọ́tùn-ún, èyí sósì. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń rí gbà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn ni mo torí rẹ̀ kọ lẹ́tà yìí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ iṣẹ́ ti ń pàdánù iṣẹ́, ibẹ̀ náà ni ẹ̀yin pẹ̀lú ti ń pàdánù òṣìṣẹ́ tí ì bá wúlò fún yín. Mo ti bá àwọn ènìyàn jókòó nídìí irú òkìtì bẹ́ẹ̀, mo sì mọ bó ṣe ń lọ.

Ẹ wo ojú ewé àkọ́kọ́ sífíì bí a ṣe ń kọ ọ́ nílẹ̀ wa. Orúkọ ló wà lókè pátápátá. Ọjọ́ ìbí tẹ̀ lé e, ìpínlẹ̀ tí a ti wá, ìjọba ìbílẹ̀ tí a ti wá, ẹ̀sìn, bóyá a ti ṣègbéyàwó tàbí a kò tíì ṣe é, iye ọmọ, àdírẹ́sì ilé, ìgbà mìíràn fọ́tò pẹ̀lú. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ilé-ìwé ń bọ̀, iṣẹ́ tí onítọ̀hún ti ṣe rí ló sì máa ń wà nísàlẹ̀ tàbí ní ojú ewé kejì. Kí ojú tó kan iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe, ọkàn ẹni tó ń kà á ti mọ ẹ̀yà rẹ̀, ó ti mọ ẹ̀sìn rẹ̀, ó ti mọ ọjọ́ orí rẹ̀, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pinnu. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ìwáṣẹ́ gan-an ló ń béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí, nítorí náà ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ẹni tó ń wáṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú orúkọ. Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ìdí nìyẹn tí orúkọ fi ń sọ̀rọ̀ nípa ilé fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbọ́. Bí orúkọ ìdílé bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ṣó, ọmọ ibí tó bá kà á ti mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ará Rẹ́mọ, Ìjẹ̀bú tàbí Ẹ̀gbá. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ifá, ó mọ ohun tí wọ́n ń bọ nílé baba ńlá onítọ̀hún. Bó bá jẹ́ Abdul, ó mọ ibi tí yóò wà lọ́jọ́ Jímọ̀. Bó bá jẹ́ orúkọ Haúsá, tí àdírẹ́sì sì jẹ́ Sábó ní Ṣágámù, ó ti gbà pé àlejò ni. Bẹ́ẹ̀, ọmọ náà lè jẹ́ ẹni tí a bí síbí, tó kàwé níbí, tó ń sọ èdè wa láìfì síbì kan, nítorí òwò obì ti kó àwọn Haúsá wá sí Ṣágámù kí a tó bí púpọ̀ nínú wa.

Ẹni tó ń yẹ sífíì wò lè má kórìíra ẹnikẹ́ni. Nínú ohun tí mo rí, ìkórìíra kọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí jù. Sùúrù ni. Sífíì tí orúkọ rẹ̀ bá ti bá ojú wa mu ni à ń kà dé ìsàlẹ̀. Bí a bá rí àṣìṣe nínú rẹ̀, a ó ní ọmọdé ni, yóò kọ́ ọ. Bí kò bá ní ìrírí, a ó ní wọ́n lè kọ́ ọ nídìí iṣẹ́. Irú àṣìṣe kan náà nínú ìwé ẹlòmíràn, a ó ní kò fara balẹ̀. Irú àìnírìírí kan náà, a ó ní kò kúnjú òṣùwọ̀n. Ẹni tó ń ṣe é kò mọ̀ pé òun ń ṣègbè, nítorí òun rántí ẹni tí òun ṣàánú nìkan, kò rántí ẹni tí àánú náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bí èyí bá ń ṣòro láti gbà gbọ́, ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ tiwa nílùú ọba. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, ibùdó ìwádìí kan ní Nuffield College, Yunifásítì Oxford, gbé àbájáde iṣẹ́ kan jáde. Àwọn olùwádìí kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ tó tó 3,200, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí àwọn agbanisíṣẹ́ tó ń wá òṣìṣẹ́ lóòótọ́ ní Bìrìtéènì. Ẹ̀kọ́ kan náà, ìrírí kan náà. Orúkọ àti ìran tí onítọ̀hún ti wá ni wọ́n ń yí padà. Nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́tà tó jẹ́ ti òyìnbó ilẹ̀ náà, 24 ló rí èsì rere. Nínú ọgọ́rùn-ún tó jẹ́ ti àwọn ẹ̀yà kékeré, 15 ni. Nígbà tí wọ́n wá yọ ìran kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, ẹni tó bá ní ìran Nàìjíríà gbọ́dọ̀ fi lẹ́tà tó fi ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti òyìnbó lọ ránṣẹ́, kó tó rí iye èsì kan náà. Ìyẹn ni pé níbi tí wọ́n bá ti fi mẹ́wàá ránṣẹ́, àwa yóò fi méjìdínlógún ránṣẹ́. Kò sí ẹni tó gbọ́ èyí nílé wa tí kò ní fi ìbínú mì orí. Ẹ wá jẹ́ ká béèrè lọ́wọ́ ara wa: mélòó ni ọmọ Sábó yóò fi ránṣẹ́ ní Ṣágámù kó tó rí èsì tí ọmọ Ṣó rí?

Orúkọ nìkan kọ́. Ọjọ́ orí àti ilé-ìwé tún wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì yìí sì lè pàdé pọ̀ lọ́nà tí ojú kì í tètè rí. Abala 42 nínú òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 kọ̀ fún ìjọba láti ya ọmọ Nàìjíríà sọ́tọ̀ nítorí ẹ̀yà, ibi tó ti wá, akọ tàbí abo, ẹ̀sìn tàbí èrò òṣèlú. Kò dárúkọ ọjọ́ orí. Nítorí náà ni ìpolówó iṣẹ́ ṣe ń jáde ní gbangba, tí a ó kọ ọ́ pé kí ẹni tó bá ti lé ní ọdún 26 má wulẹ̀ kọ̀wé wá, kí ẹni tó bá sì kọ̀wé ní ìrírí ọdún méjì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ mú ọmọ méjì tí a bí ní 1999, tí àwọn méjèèjì wọ yunifásítì ní ìparí 2018 fún ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin. Ọ̀kan lọ sí yunifásítì aládàáni, ìkejì lọ sí ti ìjọba àpapọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ parí ní àárín 2022, ó sin ìlú gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀ fún ọdún kan, ó sì bọ́ síta ní 2023. Nígbà tó bá fi máa di àárín 2025, ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì, kò sì tíì lé ní 26. Ẹnìkejì rẹ̀ bá ìyanṣẹ́lódì ASUU pàdé láti oṣù Kẹta di oṣù Kejìlá 2020, ìyẹn oṣù mẹ́sàn-án. Ó tún bá òmíràn pàdé láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2022, ìyẹn oṣù mẹ́jọ. Oṣù mẹ́tàdínlógún lọ lórí rẹ̀, kò jalè, kò fìdí rẹmi. Ó parí nígbà tí 2023 ń lọ sópin, ó dúró de ìpè àgùnbánirọ̀, ó sì parí ìyẹn ní 2025. Ọmọ ọdún 26 lòun náà, ṣùgbọ́n kò ní ìrírí ọjọ́ kan. Nígbà tó bá fi máa ní ti ọdún méjì, yóò ti di 28.

Ìlà kan nínú ìpolówó ti ṣe ìpinnu láàárín àwọn méjèèjì, ẹnikẹ́ni kò sì tíì ka sífíì wọn. Ẹni tó kọ ìlà náà rò pé ọmọ tí ara rẹ̀ yá gágá lòun ń wá. Ohun tó wọ̀n gan-an ni bóyá òbí ọmọ náà lówó tó láti san owó yunifásítì aládàáni. Bí ẹ bá sì yọ ọjọ́ ìbí kúrò, ilé-ìwé ṣì lè tú u. Yunifásítì ìpínlẹ̀ wa tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè bẹ̀rẹ̀ ní 1982 pẹ̀lú orúkọ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní 2001 ni wọ́n sọ ọ́ ní Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ. Ẹni tó bá kọ orúkọ àtijọ́ yẹn sínú sífíì rẹ̀ ti sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún yín láìsọ nọ́ńbà.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ ilé-ìwé yìí náà ni ti pólì wà. Nínú iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ẹni tó ní digírí máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìpele 08, ẹni tó ní HND a bẹ̀rẹ̀ ní 07. Àwọn aládàáni wo àwòkọ́ṣe, ọ̀pọ̀ ìpolówó iṣẹ́ sì ń béèrè digírí fún iṣẹ́ tí ẹni tó ti pólì jáde ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lójú wọn.

Ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa ju ti ibòmíràn lọ. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹni tí a bí ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1909, kàwé gba digírí ìṣòwò ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù láìjókòó nínú kíláàsì wọn, ó gbà á ní 1944, ọdún yẹn náà ló kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù lọ kọ́ òfin, ó sì di lọ́yà ní 1946. Ẹni ọdún 35 ni nígbà tí digírí àkọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ó ti ṣe akọ̀wé, ó ti ṣòwò, ó ti dáwọ́ lé iṣẹ́ ọkọ̀. Bí ẹnì kan bá kó ìwé rẹ̀ wá síwájú wa lónìí, ọjọ́ orí á lé e dànù, ọ̀nà tó gbà kàwé á mú ká fura sí i, iṣẹ́ oríṣiríṣi tó ti ṣe á sì mú ká sọ pé kò mọ ibi tó ń lọ.

Ọ̀pọ̀ yín yóò sọ fún mi pé ẹ ní òṣùwọ̀n: ẹ mọ irú ènìyàn tí ẹ ń wá. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tí mo ní ni ìgbà tí ẹ mọ̀ ọ́n. Àwọn olùwádìí méjì, Eric Uhlmann àti Geoffrey Cohen, ṣe àyẹ̀wò kan tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2005. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn yan ọ̀gá ọlọ́pàá. Wọ́n gbé sífíì méjì kalẹ̀: ọ̀kan mọ ìgboro dáadáa ṣùgbọ́n kò kàwé púpọ̀, ìkejì kàwé ṣùgbọ́n kò mọ ìgboro. Wọ́n ń pààrọ̀ orúkọ Michael, tó jẹ́ ọkùnrin, àti Michelle, tó jẹ́ obìnrin, lórí wọn. Nígbà tí Michael bá jẹ́ ọ̀mọ̀wé, àwọn olùyẹ̀wò ní ẹ̀kọ́ ìwé ṣe pàtàkì fún ọ̀gá ọlọ́pàá. Nígbà tí kò bá jẹ́ ọ̀mọ̀wé, ẹ̀kọ́ ìwé kò ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Òṣùwọ̀n ń rìn tẹ̀ lé ẹni tí ọkàn ti yàn. Wọ́n wá ṣe é lọ́nà mìíràn: wọ́n ní kí àwọn olùyẹ̀wò kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣe pàtàkì fún iṣẹ́ náà kí wọ́n tó rí sífíì kankan. Ègbè náà parẹ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nìyẹn. Òṣùwọ̀n tí a kọ lẹ́yìn tí a ti rí orúkọ dà bí kóńgò oníṣòwò tó ní méjì lábẹ́ tábìlì, tó ń wo ojú oníbàárà kó tó mọ èyí tí yóò fi wọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é pa pọ̀ lórí iṣẹ́ kan, kó má baà dà bí ìwàásù. Ẹ jẹ́ ká ní iléeṣẹ́ kan nítòsí oríta Ṣágámù ń wá sitọ́kípà. Kí ẹ tó kọ ìpolówó, ẹ pe ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà lọ́wọ́ àti ọ̀gá rẹ̀, kí ẹ sì béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Wọ́n á sọ fún yín pé wọ́n ń gba ẹrù wọlé, wọ́n ń fi í wé ìwé tó bá a wá, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ń ka ẹrù tó kù ní ìparí oṣù, wọ́n sì ń wá ìdí bí iye tó wà nílẹ̀ kò bá bá iye inú ìwé mu. Wọ́n ń lo Excel. Wọ́n ń darí àwọn alágbàrù. Wọ́n ń kọ ìjábọ̀. Kò sí ẹni tó máa sọ pé iṣẹ́ náà nílò kéèyàn jẹ́ ọmọ ọdún 26, kò sì sí ẹni tó máa dárúkọ yunifásítì.

Ẹ wá pín in sí ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kìíní ni ohun tí kò ṣeé yẹ̀: bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó kéré tán kó ní dípúlómà, kó sì lè ṣiṣẹ́ ní ṣíìfù. Níbi ṣíìfù yìí, ọ̀pọ̀ ń wo àdírẹ́sì láti fi méfò. Ẹ má méfò. Ẹ bi gbogbo wọn ní ìbéèrè kan náà: ṣé ẹ lè dé ẹnu géètì ní aago mẹ́fà ìdájí? Ẹni tó wà ní Ògèrè lè ní ọ̀kadà tirẹ̀, ẹni tó wà nítòsí lè má lè jí.

Ọ̀nà kejì ni ohun mẹ́rin tí a ó fi máàkì sí, láti òdo dé mẹ́ta: títọ́jú àkọsílẹ̀ ẹrù, lílo Excel, dídarí ènìyàn, àti kíkọ̀wé yéni. Nítorí pé títọ́jú àkọsílẹ̀ ni ọkàn iṣẹ́ náà, ẹ fi méjì lu máàkì rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 15. Ẹ pinnu pé ẹni tó bá ní 9 sókè ni a ó pè. Iṣẹ́ kò sì tán síbẹ̀: ẹ gbọ́dọ̀ kọ ohun tí máàkì kọ̀ọ̀kan dúró fún. Lórí àkọsílẹ̀ ẹrù, òdo ni fún ẹni tí kò mẹ́nu kàn án. Ọ̀kan ni fún ẹni tó kàn sọ pé òun mọ̀ ọ́n. Méjì ni fún ẹni tó sọ ibi tó ti ṣe é àti bó ṣe pẹ́ tó. Mẹ́ta ni fún ẹni tó tún sọ irú ẹrù, bó ṣe pọ̀ tó, àti ohun tó ṣe nígbà tí iye kò bára mu. Bí ẹ kò bá kọ èyí sílẹ̀, mẹ́ta ẹnì kan á jẹ́ ọ̀kan ẹlòmíràn, ègbè á sì gba ẹnu ihò yẹn wọlé padà.

Ẹ wo ènìyàn méjì nínú òkìtì náà. Ẹni àkọ́kọ́, orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ṣó, ọmọ ọdún 24, ó ti yunifásítì aládàáni jáde pẹ̀lú èsì tó ga jù, ó sì ṣe àgùnbánirọ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba kan. Ó ní òun mọ àkọsílẹ̀ ẹrù, kò sọ ibi tó ti ṣe é: ọ̀kan, lọ́nà méjì, ó di 2. Excel rẹ̀ gbó, 3. Ó darí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan nígbà kan, 1. Ìwé rẹ̀ já gaara, 3. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 9. Ẹnìkejì, orúkọ Haúsá, àdírẹ́sì Sábó, ọmọ ọdún 31, HND. Ó ti ń tọ́jú ìwé fún ilé-ìkẹ́rù obì ní Ṣágámù fún ọdún mẹ́rin, ó sì ṣàlàyé bó ṣe rí i pé àpò kan ń dínkù láàárín ọkọ̀ àti sitọ́ọ̀: mẹ́ta, lọ́nà méjì, ó di 6. Excel, 2. Alágbàrù mẹ́fà ló ń darí, 3. Ìwé rẹ̀ yéni, ṣùgbọ́n àṣìṣe wà nínú rẹ̀, 2. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 13.

Ẹ kíyè sí i pé a ó pe àwọn méjèèjì. Òṣùwọ̀n tí a kọ sílẹ̀ kò ti ọmọ tí ẹ fẹ́ràn sẹ́yìn. Ohun tó ṣe ni pé ó mú ẹni tí ẹ kì bá tí ka ìwé rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ wá síwájú yín. Lójú ìpolówó àtijọ́, ọjọ́ orí nìkan ti tó láti sọ ọ́ nù. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé a kò fún un ní máàkì nítorí ọdún mẹ́rin. Ohun tó ṣe nínú ọdún mẹ́rin náà ni a wọ̀n. Olùwádìí Paul Sackett àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tú ìwádìí ọ̀pọ̀ ọdún yẹ̀ wò ní 2022, wọ́n sì rí i pé iye ọdún ìrírí lásán wà lára ohun tí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ bí ènìyàn yóò ṣe ṣiṣẹ́ sí. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí a bi gbogbo ènìyàn ní ìbéèrè kan náà, tí a sì fi òṣùwọ̀n kan náà fún ní máàkì, ló wà lókè.

Ẹnì kan lè ní: ṣé kí a kàn bo orúkọ mọ́lẹ̀ kò tó? Ó ń ranni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ní ilẹ̀ Faransé, ìjọba dán an wò ní nǹkan bí 2010 pẹ̀lú àwọn iléeṣẹ́ tó fínnúfíndọ̀ gbà láti ka sífíì tí kò ní orúkọ. Àwọn ọmọ àlejò tí wọ́n fẹ́ ràn lọ́wọ́ wá ń rí ìpè tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Ìdí ni pé àwọn iléeṣẹ́ tó fínnúfíndọ̀ wá jẹ́ àwọn tó ti ń fojúure wo irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí orúkọ kò sí mọ́, àlàfo tó wà nínú sífíì kàn dà bí ọ̀lẹ, kò sí ohun tó máa mú kí wọ́n rò ó wò pé ọ̀nà ẹni yìí le. Ó túmọ̀ sí pé bí òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀ bá wọ́, bíbo orúkọ kò ní tọ́ ọ. Ẹ kọ òṣùwọ̀n tó tọ́ ná, kí ẹ tó bo orúkọ.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ìbílẹ̀ tún wà, n kò sì ní yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bí iléeṣẹ́ bá gba ilẹ̀ ní ìlú kan, àwọn ará ìlú a máa béèrè pé kí wọ́n gba ọmọ àwọn síṣẹ́. Ẹ̀tọ́ wọn ni láti béèrè. Bí ẹ bá ti ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí gbangba: ipò mélòó, fún iṣẹ́ wo. Kí ẹ sì wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ohun tó ṣeé fojú rí, bíi pé ó ń gbé ìlú náà tàbí ó kàwé níbẹ̀, kì í ṣe pẹ̀lú bí orúkọ bàbá rẹ̀ ṣe ń dún. Àdéhùn tó wà ní ìkọ̀kọ̀ ló ń di ègbè. Ṣágámù mọ ohun tí àwa-àti-àwọn lè dá sílẹ̀. Ẹni tó wà níbẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1999, nígbà ìjà Sábó, kò nílò kí n rán an létí.

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ bóyá ọ̀nà yín tọ́? Ọ̀nà méjì ni n ó dárúkọ. Àkọ́kọ́, kí ènìyàn méjì máa fún sífíì kan náà ní máàkì, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n má rí ti ara wọn títí wọn yóò fi parí. Níbi tí ọ̀kan bá ti fún un ní mẹ́ta tí ìkejì fún un ní òdo, ẹ má kàn pín in sí méjì. Ẹ béèrè ohun tí kálukú rí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ó rí i pé ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ ni kò yé, ẹ ó sì tún un kọ.

Ìkejì, ẹ ka iye tó wọlé àti iye tí ẹ pè, ní ìsọ̀rí sí ìsọ̀rí. Ẹ jẹ́ ká ní 60 ló ti yunifásítì ìjọba wá, ẹ pe 12. Ìyẹn jẹ́ 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ogún ló ti yunifásítì aládàáni wá, ẹ pe 8. Ìyẹn jẹ́ 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìlànà kan tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ láti 1978 ní bí ti ìsọ̀rí kan kò bá tó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ti èyí tó ga jù, kí a tún ọ̀ràn náà yẹ̀ wò. Ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún 40 ni 32. Ogún kò súnmọ́ ọn. Èyí kò fi hàn dájú pé ẹ ṣègbè, pàápàá nígbà tí àwọn tó kọ̀wé kò bá pọ̀. Ohun tó ń sọ ni pé kí ẹ padà lọ wo ìbéèrè tó lé àwọn yòókù dànù, kí ẹ sì bi ara yín bóyá iṣẹ́ náà nílò rẹ̀ lóòótọ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ yọ ọjọ́ ìbí, ẹ̀sìn, ìpínlẹ̀ tí a ti wá, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àti fọ́tò kúrò nínú fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́. Ẹ ó lè béèrè èyí tí òfin bá nílò lẹ́yìn tí ẹ bá ti gba ènìyàn. Ẹ yọ ìlà ọjọ́ orí kúrò nínú ìpolówó, àyàfi níbi tí òfin bá ti là á sílẹ̀. Kí ẹ sì kọ òṣùwọ̀n àti máàkì yín sílẹ̀, kí ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ kọ déètì sí i, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí sífíì àkọ́kọ́. Ẹ pa ìwé náà mọ́ fún ọdún kan, kí ẹni tí a kò pè lè rí ìdáhùn gidi bó bá béèrè ìdí rẹ̀.

Kò ní ná yín ju ọ̀sán kan lọ àti tákàdá méjì. Iṣẹ́ tó bá ń bọ̀ lọ́nà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ Rẹ́mọ kan, Ṣágámù.